Ní Ìwòpin, níbi tí omi ti fẹ́ di ilẹ̀

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwòpin, létí ọ̀sà Lẹ́kì. Ìtàn ìṣẹ̀dá Ifẹ̀ ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí omi parí sí tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa la mọ ìtàn náà. Omi àti irà nìkan ló wà nísàlẹ̀ ọ̀run. Olódùmarè fún Ọbàtálá ní yẹ̀pẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Àwọn kan ní Ọbàtálá mu ẹmu, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba ẹrù náà, ó bá ẹ̀wọ̀n sọ̀kalẹ̀. Ó da yẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tàn án káàkiri. Ibi tí èèyàn máa ń sáré kọjá nínú ìtàn yìí ló wù mí jù. Wọ́n rán agẹmọ kó lọ wò ó. Ẹranko tí kì í gbé ẹsẹ̀ kan láìjẹ́ pé èkejì ti dúró dáadáa ni wọ́n yàn. Ó lọ, ó bọ̀, ó ní ilẹ̀ ti fẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ. Ìgbà tí wọ́n tún rán an ló tó wá jíṣẹ́ pé ó ti gbẹ.

Lójú omi Ìwòpin ni iṣẹ́ agẹmọ yẹn ti yé mi. Bàbá apẹja kan fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi dé ibi tí ojú oró ti so kọ́ra. Koríko ti hù lórí rẹ̀, ẹyẹ ń rìn níbẹ̀ fàlàlà. Mo fọwọ́ kàn án: gbòǹgbò tó lọ́ mọ́ra ni, ẹrẹ̀ dúdú sì wà láàárín wọn.

“Bàbá, ṣé èèyàn lè dúró síbí?”

Wọ́n ki ọ̀pá oparun tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ bọ̀ ọ́. Ó wọlé ṣììì, kò kan nǹkan kan.

“Lójú, ilẹ̀ ni. Lẹ́sẹ̀, omi ni, ọmọ mi.”

Wọ́n ní ibi tí wọ́n bá da yanrìn sí lórí irà náà kì í le títí òjò yóò fi lù ú dáadáa. Ó ń gba àkókò lóòótọ́. Yanrìn tó wúwo ń tẹ ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀, omi inú ẹrẹ̀ náà sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú kọ́lé síbẹ̀, ògiri rẹ̀ yóò sán.

Àwa nìkan kọ́ ló ní irú ìtàn yìí. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kò nílò ẹni tí yóò da yẹ̀pẹ̀. Nínú omi òkùnkùn tí wọ́n ń pè ní Núnù ni òkìtì kan ti yọrí fúnra rẹ̀, tí òrìṣà wọn, Átúmù, sì dúró lé e. Odò Náílì ló sún mọ́ ìtàn yẹn. Láyé ìgbà yẹn, ọdọọdún ló máa ń kún bo oko, bó bá sì ti ń fà, ibi tó ga ló máa ń kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú lórí rẹ̀.

Àwọn Hodinọṣóònì ní Àríwá Amẹ́ríkà ní obìnrin kan já bọ́ láti ọ̀run, àwọn ẹyẹ fi ìyẹ́ gbà á, wọ́n gbé e lé ẹ̀yìn ìjàpá. Àwọn ẹranko wá ń rì sínú omi láti bu ẹrẹ̀ wá. Ẹranko kékeré kan tó jọ eku ló rí ìwọ̀nba díẹ̀ bù. Lẹ́yìn ìjàpá ni ẹrẹ̀ náà ti fẹ̀ di ayé. Ó sún mọ́ tiwa gan-an, àfi pé láti ìsàlẹ̀ ni erùpẹ̀ tiwọn ti wá, tiwa sì wá láti òkè.

Ti Bábílónì ló gbóná jù. Omi aládùn, Ápsù, àti omi iyọ̀, Tíámátì, ló kọ́kọ́ dà pọ̀. Nígbà tó yá òrìṣà Mádúkì pa Tíámátì, ó là á sí méjì, ó fi apá kan ṣe ọ̀run. Ní 1876 ni George Smith, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ ìtumọ̀ àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí jáde. Ìráàkì òde òní ni Bábílónì wà, gúúsù rẹ̀ sì ni odò ti ń pàdé omi iyọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí náà, omi ọ̀sà Lẹ́kì kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti ọ̀sà Èkó sì níyọ̀ jù ú lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé omi tí èèyàn ń rí ló ń bí ìtàn rẹ̀. Mi ò gbà á tán. Ifẹ̀ jìnnà sí ọ̀sà, igbó ló yí i ká, síbẹ̀ omi ni ìtàn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tiwa nìkan ló rán ẹni lọ yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mọ Bíbélì lè rántí ẹyẹlé Nóà, tó padà nítorí kò rí ibi fẹsẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ẹyẹlé ń wá; èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ rí ni agẹmọ lọ dán wò.