Ẹni tó kí mi tí kò sọ nǹkan mìíràn

Ọdún mẹ́ta ni mo fi dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn oníbàárà lórí Wásáàpù fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú owó. Nínú gbogbo ohun tó ń wọlé láàárọ̀, èyí tí mo rò pé ó rọrùn jù láti dáhùn ni èyí tí kò ju kíkí lọ: "Ẹ káàárọ̀ o." Kò sí orúkọ, kò sí ẹjọ́, kò sí ìbéèrè. Mo máa ń kí wọn padà, máa wá lọ sórí ọ̀rọ̀ ẹni tó kàn. Odidi ọdún kan kọjá kí n tó mọ̀ pé ìdáhùn yẹn kò dára.

Ìyá kan ló jẹ́ kí n mọ̀. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 14 ló kọ "Ẹ káàárọ̀ o" sí wa láti orí nọ́ńbà tí n kò mọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi dáhùn pé "Ẹ káàárọ̀ mà." Àmì méjì hàn níwájú rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ó ti dé orí fóònù wọn, ṣùgbọ́n àmì náà kò yí padà sí búlúù. Mo fi sílẹ̀. Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n kọ ọ́ padà pé "Ẹ ṣeun. Ṣé dáadáa lẹ wà?" Ẹlòmíràn ni mo ń dá lóhùn lọ́wọ́, nítorí náà ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kí n tó fèsì: "Dáadáa ni mà, a dúpẹ́." Mo wá ń retí kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Àwọn náà ń retí kí n bi wọ́n.

Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ gan-an tó jáde. Wọ́n ti jí fóònù wọn láti àná, fóònù ọmọ wọn ni wọ́n fi ń kọ̀wé, wọ́n sì fẹ́ kí a bá àwọn ti àkáǹtì wọn pa kí ẹnikẹ́ni má baà rí owó fà jáde nínú rẹ̀. Kíá ni mo tì í. Nígbà tí mo wo ìwé àkáǹtì náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni olè ti fa owó: aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 40, àti aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀gá mi pè mí, ó ní kí n ka ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà sókè, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo kà á. Ó ní, "Níbo lo ti bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́?" Mo tún un kà. Kò sí níbẹ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn. Owó àkọ́kọ́, n kò lè gbà á là, torí pé ìyá náà kò rí ìdáhùn mi títí di aago mẹ́wàá kọjá. Ọmọ wọn ló gba fóònù rẹ̀ padà ní gbogbo àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti fi ìbéèrè mọ́ ìkíni mi láàárọ̀ ni, ìgbà tí wọ́n ṣí i ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tí wọ́n máa kọ ni "wọ́n jí fóònù mi". Ó ju wákàtí méjì lọ láti ìgbà náà sí ìgbà tí owó kejì lọ. Ọrùn mi ni èyí wà.

Mo bi ìyá náà lẹ́yìn náà, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, n kò mọ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí yín. Ẹ sì dá mi lóhùn, mo wá rò pé ẹ máa bi mí." N kò rí ẹ̀bi kankan nínú èyí. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò mọ̀ rí máa ń kágò, kì í wọlé ṣáá kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó rẹ̀. Èmi tí mo wà nínú ilé ló yẹ kí n ṣílẹ̀kùn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kí i láti inú ilé, mo sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní títì.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń dáhùn nìyí: "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo wà níbí títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, mi ò ní kúrò láìdá yín lóhùn."

Ìkíni ni mo fi ṣáájú, irú èyí tí wọ́n fi kí mi gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ ni mo fi dá a padà. N kì í fò ó. Mo wá sọ aago tí mo máa wà níbẹ̀ dé, torí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wà nínú ìkíni lásán ni "ṣé ẹnì kan wà?", ẹni tó bá sì mọ̀ pé mo wà títí di aago márùn-ún kò ní máa kọ ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan, kó dúró, kó tún kọ òmíràn. Ìbéèrè ló kàn, ọ̀kan péré. Nígbà kan, mo máa ń béèrè orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti ohun tó ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Àwọn èèyàn á dáhùn orúkọ nìkan, àá tún máa bá a bọ̀. Báyìí, ohun tí wọ́n fẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Orúkọ lè dúró. Gbólóhùn ìparí, "ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀", ni ó ń ṣiṣẹ́ jù lójú mi, torí pé ó fún ẹni tí ara ń tì ní àyè láti sọ̀rọ̀ gùn.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń dáhùn pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, ẹ má kàn kí wa." Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: àwọn kan kì í kọ̀wé mọ́, wọ́n á gbé ẹjọ́ wọn dákẹ́ títí yóò fi bàjẹ́ ju bó ṣe wà lọ. Bá a bá fẹ́ kí èèyàn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ká bi í ló yá jù.

Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lé ìdáhùn tí áàpù ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ o. Wásáàpù ti àwọn oníṣòwò ní ìkíni tó ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé sí yín nígbà àkọ́kọ́, tàbí ẹni tó ti dákẹ́ fún ọjọ́ 14, nìkan ló máa rí i gbà. Ẹni tó kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó bá sì rí i lè rò pé èèyàn wà níbẹ̀, kó wá jókòó máa retí. Nínú tiwa, mo yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kó lè béèrè ohun tí ẹni náà fẹ́, kó sì sọ aago tí èèyàn máa kà á.

Lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí, ìdáhùn yìí kò bá a mu. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a kò tíì sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan kọ "Báwo ni?" sí mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti kọjá aago mọ́kànlá. Mo dáhùn, "Mo wà o, ìwọ ńkọ́?" Ó ní, "A dúpẹ́." Ó parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. "Ìwọ ńkọ́" jẹ́ ìbéèrè tí "a dúpẹ́" lè dí lẹ́nu. Báyìí, bí irú rẹ̀ bá wọlé ní wákàtí tí kò bójú mu, tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti pẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ sọ nǹkan kan nípa ara mi, màá wá sọ pé mi ò tíì sùn, ó lè pè mí bó bá fẹ́. N kì í béèrè pé "kí ló ṣẹlẹ̀", torí pé bí kò bá sí nǹkan, ìbéèrè yẹn á mú un ronú pé ó dá mi láàmú.

Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ tó kọ sí fóònù tèmi gan-an, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn oníjìbìtì máa ń fi ìkíni lásán bẹ̀rẹ̀: wọ́n á kí ọ, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ pé àwọn ṣi nọ́ńbà kọ, wọ́n á sì máa bá ọ ṣeré lọ títí ọ̀rọ̀ á fi dé orí owó tó ń lé sí i. Àṣìṣe tí mo ti ṣe rí ni pé mo dáhùn pé, "Ṣé Fúnmi nìyẹn?" Orúkọ tí mo dá ló gbà, ó ní òun ni, òun ti pààrọ̀ láìnì. Nígbà tí mo pe Fúnmi lórí nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e. Nítorí náà, n kì í dá orúkọ fún wọn mọ́, n kì í sì sọ tèmi. "Ẹ káàsán. Ta ni ẹ ń wá?" nìkan ni mo máa ń kọ. Ẹni tó mọ̀ mí á dárúkọ mi, á sì sọ ibi tí a ti pàdé. Ẹni tó bá ní "ṣé o ti gbàgbé mi ni?" tí kò dárúkọ kankan, n kì í fèsì mọ́.

Ìyá tí wọ́n jí fóònù wọn ṣì ń kọ̀wé sí wa. Lóṣù tó kọjá wọ́n tún kọ "Ẹ káàárọ̀ o", mo sì dáhùn bí mo ṣe ń dáhùn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ gígùn kan fi wọlé: orúkọ wọn, pé ọmọ wọn ti fẹ́ ìyàwó, àti pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ ìyàwó náà sínú ìwé àkáǹtì wọn.