Oògùn Tí Ẹ̀dọ̀ Gbà Lọ́nà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Puropuranólọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa oògùn, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀, nítorí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí oògùn tí aláìsàn gbé mì bá kéré jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ìfun kò gbà á wọlé. Ìfun lè gbà á tán, kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti yí padà di nǹkan mìíràn kí ó tó dé apá tí a ti ń fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Puropuranólọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún ọkàn tó ń sáré jù, ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi. Oògùn yìí máa ń yòrò nínú ọ̀rá, nítorí náà kò ṣòro fún un láti la ara ìfun kọjá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó ń wọlé. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ara ká. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ kì í lọ sí ọkàn tààrà. Iṣan ńlá kan ni ó kọ́kọ́ ń kó o lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ sì dà bí oníbodè tí kò sí ẹrù tí kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni àwọn ẹ́ńsáímù tó ń yí oògùn náà padà wà, kí kíndìnrín lè rí i fi ìtọ̀ lé jáde. Èyí tí a bá gún sí iṣan apá kò ní kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ọkàn ni ó ń lọ, ọkàn ni ó sì ń pín in ká.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá pe ìdá tí ẹ̀dọ̀ ń gbà ní E, tí a sì pe ìdá tó yè ní F, tí ìfun sì gba gbogbo oògùn náà wọlé láìbà á jẹ́, a jẹ́ pé:

```
F = 1 − E
```

Aláìsàn kan gbé 80 mg mì. E jẹ́ 0.75, nítorí náà 20 mg ni ó yè. Bí àìsàn bá sọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ di aláìlera, tí E wá wálẹ̀ sí 0.5, 40 mg ni yóò yè. Oògùn kan náà, iye kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó wọ ẹ̀jẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Wàyí o, ẹ mú oògùn mìíràn tí E rẹ̀ jẹ́ 0.05, kí ẹ sì dín E náà kù sí ìdajì: nínú 80 mg, èyí tó yè yóò kúrò ní 76 mg di 78 mg, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyí. Oògùn tí ẹ̀dọ̀ ń gbà púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí á bẹ̀rù jù nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn, pàápàá nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti le gbandi, nítorí pé nígbà náà apá kan ẹ̀jẹ̀ láti ìfun tún ń wá ọ̀nà mìíràn gbà yẹ ẹ̀dọ̀ sílẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ni, tí kì í ṣe pé oògùn kò wọlé? A ó fún ẹni kan náà ní oògùn náà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́nu lọ́jọ́ kan, ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì, a ó sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra láti fi àpapọ̀ ohun tó dé ibẹ̀ wéra. Ìyẹn yóò sọ iye tó sọnù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni yóò sọ ibi tó sọnù sí: bí oògùn náà bá wà nínú ìgbẹ́ láìyípadà, ó ṣeé ṣe kí ó má wọlé rárá, bí àwọn ohun tí a ti yí i padà sí bá kún inú ìtọ̀, ó wọlé, a sì gbà á lọ́nà.

Ẹ má sì rò pé E dúró lójú kan. Agbára àwọn ẹ́ńsáímù náà ní òpin; bí oògùn tí ó dé bá pọ̀, ọwọ́ wọn yóò dí, ìdá tó pọ̀ sí i yóò sì yè, tó bẹ́ẹ̀ tí sísọ iye puropuranólọ́ọ̀lù di ìlọ́po méjì fi lè mú kí ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Bákan náà, ọ̀kan lára ohun tí ẹ̀dọ̀ ń yí i padà sí ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ọkàn bíi ti oògùn fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iye tí aláìsàn ń gbé mì tó, ìlù ọkàn rẹ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.