Bí mo ṣe kọ lẹ́tà fi iṣẹ́ Alhaja sílẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń bá àwọn oníṣòwò ṣe níbí ní Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, owó oṣooṣù kan ṣoṣo la máa ń bá oníbàárà ṣàdéhùn lé lórí, kò ní gòkè, kò ní sọ̀. Kò burú nígbà tí iṣẹ́ bá ṣì kéré. Àmọ́ tí ọjà onítọ̀hún bá ti gbilẹ̀, iṣẹ́ á máa pọ̀ sí i, owó á wà níbi tó wà. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá ń ṣe ni mo ń kọ èyí sí, nítorí lẹ́tà tí ẹ máa fi yọwọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ìrònú ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ.

Alhaja kan ló ní dípò, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí tí wọ́n sì ti ń tà á, ní Ìgbọ̀nà. ₦20,000 lóṣù la fi bẹ̀rẹ̀. Rìsíìtì inú páálí kan àti ìwé báńkì kan ni mo ń gbà lọ́wọ́ wọn. N ó tò wọ́n, n ó fi ìwé báńkì wé ìwé ọjà, n ó sọ èrè oṣù fún wọn. Bí wákàtí mẹ́jọ lóṣù ló ń gbà. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí dípò kejì sí Ògo-Olúwa. Àkáǹtì báńkì di mẹ́ta, ẹ̀rọ pí-ó-ẹ̀sì di méjì, òṣìṣẹ́ di mẹ́fà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ di iṣẹ́ mi, owó orí tí a ń yọ nínú rẹ̀ di iṣẹ́ mi, owó orí ọjà, ìyẹn VAT, náà tẹ̀ lé e. Báńkì tí wọ́n fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ béèrè ìwé, èmi ni mo tún kọ ọ́.

Èyí tó wá pọ̀ jù ni ti kéréètì. Ẹni tó bá mọ ọjà yẹn mọ̀ pé kéréètì òfìfo, owó ni. Èyí tó kún, èyí tó ṣófo àti èyí tó wà lọ́wọ́ oníbàárà, tí a bá rò wọ́n pọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kéréètì tí ẹni tó ni dípò ní. Tí kò bá pé, owó ti sọnù nìyẹn. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ dípò ni kíkà á. Ṣùgbọ́n Alhaja á pè mí ní ìrọ̀lẹ́ pé, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, bó o bá ń lọ sílé, yà bá mi ka kéréètì." Kò sí èyí tó tóbi nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí èèyàn bá wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti mọ ìgbà tó kọjá ààlà.

Ohun tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ìṣirò. ₦20,000 fún wákàtí mẹ́jọ, ₦2,500 ni wákàtí kan. Nígbà tí dípò di méjì, iṣẹ́ náà ń gbà tó ogójì wákàtí lóṣù, owó ọkọ̀ àti dátà sì ń kó bí ₦6,000 lọ. ₦14,000 tó kù, tí a bá pín in sí ogójì, ₦350 ni wákàtí kan. Ẹ ṣe ìṣirò yìí sórí ìwé, ẹ fi pa mọ́. Ẹ̀yin lẹ ni ín, kì í ṣe ohun tí a ń kọ sínú lẹ́tà. Ohun tó wúlò fún ni pé ọkàn yín ò ní máa ṣiyèméjì nígbà tí ẹ̀bẹ̀ bá dé.

Kí ẹ tó ronú lẹ́tà rárá, ẹ kọ́kọ́ bá onítọ̀hún sọ ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó sì yé e dáadáa. Mo sọ fún Alhaja pé ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n máa san ₦70,000 fún gbogbo rẹ̀, tàbí kí n padà sí rìsíìtì àti ìwé báńkì nìkan, kí ẹlòmíràn máa ṣe ìyókù. Wọ́n ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ owó ló wá dà báyìí? Ìwọ tí mo mú bí ọmọ." Wọ́n fi ₦5,000 lé e. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ní kí n máa bá ọmọ àwọn wo ìwé ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Lójú tèmi, àmì tó dájú jù lọ nìyẹn: tí oníbàárà bá fi owó díẹ̀ kún owó, tó sì fi iṣẹ́ tuntun tẹ̀ lé e kíákíá, ẹ̀yin méjèèjì kò tíì jọ rí ọ̀rọ̀ náà bákan náà, ẹ ò sì ní rí i bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í ṣàdédé fi ìwé ránṣẹ́ sí àgbà. Tí ìwé bá ṣáájú ẹnu, àrífín ni wọ́n máa kà á sí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ní wọ̀ wọ́n létí mọ́. Ilé wọn ní Alẹ́kùwódò ni mo lọ láàárọ̀, kì í ṣe dípò níbi tí òṣìṣẹ́ àti oníbàárà wà. Mo kí wọn, mo dúpẹ́, mo ní, "Alhaja, iṣẹ́ yín ti dàgbà kọjá ohun tí èmi nìkan lè gbé. Òpin oṣù kẹfà ni n ó fi í sílẹ̀, ìwé rẹ̀ nìyí." Mi ò dárúkọ iye owó kankan. Ẹni tó bá dárúkọ owó lọ́jọ́ yẹn ti ṣí ìnájà sílẹ̀, ìpàdé náà á sì di ti ọjọ́ mìíràn.

Lẹ́tà náà rèé:

Òkè-Fìà, Òṣogbo.
Ọjọ́ 1, oṣù kẹfà.

Alhaja,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi ìwé yìí fìdí ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ múlẹ̀ pé n ó fi iṣẹ́ ìṣirò owó dípò yín méjèèjì sílẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà yìí.

Ìwé oṣù kẹfà ló kẹ́yìn tí n ó ṣe. Owó orí tí a yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ fún oṣù náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 10, oṣù keje. Ìwé owó orí ọjà ti oṣù kẹfà kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 21, oṣù keje. Èmi ni n ó ṣe méjèèjì. Láti orí ti oṣù keje lọ, ẹni tuntun tí ẹ bá mú ni yóò ṣe é.

Ní ọjọ́ 22, oṣù keje, n ó kó gbogbo ìwé yín wá, a ó jọ kà wọ́n, a ó sì fọwọ́ sí i. Owó iṣẹ́ oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, ₦25,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦50,000 lápapọ̀, ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi san án kó tó di ọjọ́ 30, oṣù kẹfà.

Bí ẹ bá ti rí ẹni tuntun, n ó bá a jókòó lọ́jọ́ kan, n ó fi ibi tí nǹkan wà hàn án. Mi ò ní gba owó fún ìyẹn.

Mo dúpẹ́ fún gbogbo ìgbà tí a fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí Ọlọ́run bù sí ọjà yín.

Ẹ ó rí i pé ọjọ́ tí iṣẹ́ parí àti ọjọ́ tí mo kó ìwé sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwé báńkì oṣù kẹfà kì í pé lọ́wọ́ títí oṣù keje fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè parí ìwé oṣù láìrí i. Tẹ́ ẹ bá kọ ọjọ́ kan ṣoṣo, owó orí oṣù tó kẹ́yìn á wà ní àárín ẹ̀yin àti ẹni tuntun, oníkálukú á máa rò pé ẹnì kejì ló ń ṣe é, ìtanràn á sì wá já lé oníbàárà lórí. Ẹ̀yin ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín káàkiri ọjà.

Mo tún ro ti ọdún Ọ̀ṣun tó máa ń wáyé nínú oṣù kẹjọ. Òṣogbo á kún fún àlejò, ọtí ẹlẹ́rìndòdò á máa tà bí ẹní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kéréètì á sì fọ́n ká. Kò dáa kí èèyàn fi ẹni tó ń ta irú ọjà yẹn sílẹ̀ lásìkò náà. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀. Ẹ wá a rí kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́.

Kò sí ẹ̀sùn kankan nínú lẹ́tà náà. Mi ò sọ̀rọ̀ ìpè alẹ́, mi ò sọ̀rọ̀ kéréètì, mi ò sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀sùn tẹ́ ẹ bá kọ, wọ́n máa wá ojútùú sí i: "Ó dáa, mi ò ní pè ọ́ lálẹ́ mọ́." Kí lẹ máa wá sọ? Ẹ má sì fi àìsàn tàbí ìrìn-àjò ṣe àwáwí, ìlú yìí ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á rí yín ní oríta Ọláìyá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí. Lórí ìkànnì tí a ti ń fi ìwé owó orí ránṣẹ́, nọ́ńbà ta ló wà níbẹ̀? Ímeèlì ta ni? Ó wọ́pọ̀ kó jẹ́ pé tẹni tó ń ṣe ìwé ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí i padà sí ti oníbàárà kẹ́ ẹ tó kúrò, kó wà lójú yín pé nọ́ńbà ìdánilójú ti wọlé sórí fóònù tirẹ̀. Tẹ́ ò bá ṣe é, ẹ ò tíì kúrò. Lọ́jọ́ ìkówèésílẹ̀, mo ṣe tèmi pẹ̀lú Alhaja, fóònù wọn wà lọ́wọ́ wọn. A kọ ohun gbogbo sílẹ̀ lórí bébà méjì: lẹ́jà dípò kọ̀ọ̀kan, páálí rìsíìtì oṣù dé oṣù, ìwé báńkì àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rí owó orí tí a ti san, iye kéréètì tó wà níta àti orúkọ àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn. A jọ fọwọ́ sí i, wọ́n mú ọ̀kan, mo mú ọ̀kan.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gbà pé kí èèyàn di ìwé oníbàárà mú títí tó fi máa sanwó. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìwé yẹn, òun ló ni ín, owó orí rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n sanwó kó tó di ọjọ́ 30 nìyẹn, nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù lọ́wọ́ mi. Wọ́n san ti oṣù karùn-ún lójú ẹsẹ̀, ti oṣù kẹfà wá lọ́jọ́ tí mo kówèé dé.

Ẹ̀bẹ̀ dé lóòótọ́. Wọ́n rán ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sí mi. Mi ò bá wọn jiyàn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àṣẹ yín lórí mi. Ẹ bá mi sọ fún Alhaja pé ìyá mi ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Iṣẹ́ ìwé nìkan ni mo fi sílẹ̀, ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà ò sì ní yẹ̀." Mo bá wọn dárúkọ ẹnì kan tó lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní orúkọ kan lọ́wọ́ kí ẹlẹ́bẹ̀ tó dé, nítorí ìbẹ̀rù pé kò sẹ́ni tó máa ṣe é ló sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀.

Ẹni tuntun náà pè mí nínú oṣù kẹjọ nípa kéréètì kan tó wà lọ́wọ́ oníbàárà láti oṣù kẹrin. Mo dá a lóhùn, torí èmi ni mo kọ ọ́. Nígbà tó ní kí n bá òun wo ìwé oṣù keje, mo sọ iye tí n ó gbà fún un. Ó ní òun á gbìyànjú rẹ̀ fúnra òun.