Líńkì Tó Ń Ṣí fún Yín Lè Má Ṣí fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbà Yín Síṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ kóòdù ní Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ tó fi íméèlì ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, líńkì inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí ibi tẹ́ ẹ kó kóòdù sí lórí GitHub bá wà ní Private, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọlé ń rí gbogbo rẹ̀. Àlejò tó bá tẹ líńkì kan náà, 404 ló máa bá pàdé, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kì í fi mọ̀ pé líńkì wọn ò ṣí. Ẹ ṣí ojú ewé Incognito, kẹ́ ẹ dán líńkì kọ̀ọ̀kan wò níbẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú localhost, orí kọ̀ǹpútà yín nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré yí i sí Public o. Ká ní áàpù tẹ́ ẹ kọ fún àwọn tó ń ra kòkó ní Oǹdó ni: ó ń ṣírò kílò àti owó, ó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àgbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn wà nínú fáìlì .env. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti pa fáìlì náà rẹ́, ó ṣì lè wà nínú àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá Git. Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò:

```
git log --all --oneline -- .env
```

Bí ìlà kankan bá jáde, ẹ ka kọ́kọ́rọ́ náà sí èyí tó ti tú síta. Ẹ fagi lé e lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó fún yín, kẹ́ ẹ gba òmíràn. Lẹ́yìn náà ẹ kọ .env sínú .gitignore. Bí fáìlì náà bá ṣì wà lára àwọn tí Git ń tọ́jú, `git rm --cached .env` pẹ̀lú commit lẹ́yìn rẹ̀ ló máa yọ ọ́, láìpa ti orí kọ̀ǹpútà yín rẹ́.

Nínú íméèlì fúnra rẹ̀, iṣẹ́ kan tàbí méjì tó. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe, apá tó jẹ́ tiyín, àti fáìlì tí wọ́n á kọ́kọ́ wò, báyìí:

«Áàpù yìí ń ṣírò owó tó tọ́ sí àgbẹ̀ kòkó. Èmi ni mo kọ ìṣirò rẹ̀. Ẹnìkejì mi ló kọ ojú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti src/payments.js.»

Ẹ má gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tiyín, torí orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan wà nínú àkọsílẹ̀ Git, ẹni tó mọṣẹ́ á sì wò ó.

Bó bá jẹ́ pé sáfà ọ̀fẹ́ ti Render lẹ gbé áàpù náà sí, ó máa ń sùn bí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó fún ìṣẹ́jú 15, jíjí rẹ̀ sì lè gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ líńkì náà, kí ẹni tó ṣí i má baà rò pé ó ti bàjẹ́.