Ọjọ́ tí wọ́n ní iṣẹ́ ò sí mọ́: bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba

Àwọn tó ti wà níbí ṣáájú wa sọ̀rọ̀ òtútù fún wa, wọ́n sọ ti owó ilé, wọ́n sọ ti ọkọ̀ ojú irin tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan màá di súpáfáísọ̀ ní Ìlú Ọba, màá sì ní láti kọ̀wé ìdúpẹ́ sí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá a dúró, tí kò jalè, tí kò pẹ́ lẹ́yìn, tó kàn jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n pa rẹ́.

Ní Nàìjíríà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ rárá. Ọ̀sán Jímọ̀ ni, wọ́n á pe orúkọ, wọ́n á fún ẹ ní àpò ìwé, lẹ́tà inú ẹ̀ ò ju ìpínrọ̀ méjì lọ, wọ́n á ní àwọn ò nílò iṣẹ́ ẹ mọ́, kí o dá káàdì ìdánimọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n á sì fi "a kí ẹ kú oríire níwájú" parí ẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ká sọ òótọ́, òfin iṣẹ́ wa ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, abala 20 nínú ẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí ẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ bí kò bá sí ti ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeéfọkàntán níbẹ̀, àti pé kí wọ́n sa gbogbo ipá wọn láti dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n máa fún un. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Ibi tí Nàìjíríà ti ń mókè ni ẹ̀yìn lẹ́tà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á ti pè é, ní Sátidé wọ́n á lọ sílé ẹ̀, wọ́n á jókòó tì í, ọ̀rọ̀ àdúrà á kún inú Wọ́ọ̀sáàpù. Ohun kan ni kì í sí nínú gbogbo ẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe. Gbogbo wa á máa sọ pé Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn míì, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé "ìwé àkọsílẹ̀ tí o tò nígbà yẹn ni a ṣì ń lò". Ọ̀gá tó yẹ kó sọ ọ́ ti wa mọ́tò gba ẹ̀yìnkùlé lọ ní tiẹ̀.

Níbí, òfin ló fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Bí wọ́n bá fẹ́ dá òṣìṣẹ́ 20 sí 99 dúró láàárín 90 ọjọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò pẹ̀lú aṣojú wọn ó kéré tán 30 ọjọ́ kí ẹni àkọ́kọ́ tó lọ, tí wọ́n bá tó 100 ó di 45 ọjọ́. Bí wọn ò bá tó 20 náà, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ pe ẹni náà jókòó kí wọ́n tó pinnu. Torí náà, nígbà tí ọjọ́ yẹn bá fi máa dé, ẹni náà ti mọ ìdí, ó ti mọ iye owó ẹ̀, ó sì wà nínú ìwé. Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rí àyè. Kò nílò láti ṣàlàyé ohunkóhun mọ́, kò nílò láti tọrọ àforíjì fún kóńpánì, ìdúpẹ́ nìkan ló máa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan. Obìnrin ọmọ ọdún 47 kan tó ti lo ọdún 14 nínú sítọ́ọ̀ ńlá tí a ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka tó ń gba ọjà tí àwọn oníbàárà dá padà ló wà, wọ́n wá gbé ẹ̀ka náà lọ síbòmíràn. Ní ti òfin, owó ọ̀sẹ̀ 17 ló tọ́ sí i, torí ọdún mẹ́fà tó ti lò lẹ́yìn tó pé 41 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ tó kù jẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òfin sì ní ìwọ̀n kan tí owó ọ̀sẹ̀ ò lè kọjá. Mo mọ gbogbo ìṣirò yìí, kò sì sí èyí tó wọ inú ohun tí mo kọ sí i. Owó ní lẹ́tà tiẹ̀. Ẹni tó bá tún dárúkọ owó nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, tó wá ṣì í sọ díẹ̀, ó ti dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn, yàtọ̀ sí pé ó máa ń dà bíi pé a ń kà á fún un bí ẹni ń sanwó ọjà.

Ohun tí mo kọ nìyí, mo ti sọ ọ́ di Yorùbá:

"Ẹ kú ọjọ́ òní. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ tó rọrùn, ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn tí kò bá sí lọ́kàn yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i lákọsílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ kíyè sí i ní oṣù Kejìlá pé ẹ̀rọ ń tẹ nọ́mbà kan náà sára páálí méjì, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní iṣẹ́ tábìlì yẹn nígbà tí mo dé, ẹ ò sì jẹ́ kí n rò pé ìbéèrè mi ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ yín ò lábùkù, ipò náà ni wọ́n pa rẹ́. Bí ẹ bá nílò ẹni tó máa sọ nípa iṣẹ́ yín níbikíbi tí ẹ bá ń wáṣẹ́ sí, ẹ fi nọ́mbà mi yìí sílẹ̀, màá sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ẹ ṣeun gan-an."

Kò gùn. Mo kọ́kọ́ ti kọ èyí tó gùn jù ú lọ, mo ń yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Mo yọ "kì í ṣe èmi ni mo pinnu" kúrò, torí ọ̀rọ̀ ara mi nìyẹn, kì í ṣe tiẹ̀. Mo yọ "àwa tó kù ò mọ bá a ṣe máa ṣe é" kúrò, ẹ wo ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí a tún fẹ́ kó káàánú wa tí iṣẹ́ kù fún, àbí ẹ̀yin ò rí i. Mo yọ "a máa pè yín padà" náà kúrò. Èyí ló léwu jù, torí ẹni náà á máa wo fóònù, àti pé bí kóńpánì bá gba ẹlòmíì sí irú ipò yẹn láìpẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn lè dé iwájú tiribúnà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, àìsàn, oyún, kò sí èyí tó yẹ kó wọ ibẹ̀, kódà bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá fẹ́ fi tù ú nínú. "Ẹ ti ṣe tó, ẹ lọ sinmi", lójú wa àánú ni, lójú lọ́yà, ọjọ́ orí lo fi dá a dúró yẹn.

Ti pé màá sọ nípa iṣẹ́ ẹ̀ yẹn náà, mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kóńpánì níbí, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó lọ àti ipò tó wà nìkan ni wọ́n máa ń kọ fún ẹni tó bá béèrè. Èmi lè sọ̀rọ̀ fún ara mi, mi ò lè sọ ọ́ lórúkọ wọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ nọ́mbà ara mi ni mo fi síbẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà tó ti ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ níbí. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tó dáa, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ibi iṣẹ́ ẹni náà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọn ò mọ̀ pé wọ́n ti ti ímeèlì yẹn pa láti ọ̀sán. Kò ní rí i láéláé, á sì gbà pé ẹ ò kọ nǹkan kan. Fóònù ara ẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ti sọ ọ́ fún un, kì í ṣe ṣáájú o. Tí ẹ ò bá sì mọ̀ bóyá ó ti sọ fún àwọn yòókù, ẹ má gbé e lọ sínú ẹgbẹ́ Wọ́ọ̀sáàpù.

Nígbà tó wá ṣẹlẹ̀ nílé, tí kóńpánì tí mo ti kúrò ti ẹ̀ka kan pa, bàbá tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ wa wà lára àwọn tó lọ. Ẹ ò lè kọ tòyìnbó yẹn sí irú bàbá bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kọ "ẹ má dá mi lóhùn tí kò bá sí lọ́kàn yín", á rò pé mo ń sá fún òun ni. Mo kọ́kọ́ pè wọ́n, mo kí wọn, mo kí ìyá, mo jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán, lẹ́yìn náà ni mo wá kọ ọ́:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ohun tí mo sọ lórí fóònù, mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí kọ̀mpútà sítọ́ọ̀ bàjẹ́, ìwé tí ẹ ń fọwọ́ kọ lójoojúmọ́ ló jẹ́ ká mọ ohun tó kù, nǹkan kan ò sì sọnù lábẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ kọ́ níṣẹ́ láìsí ariwo. Orúkọ tó dáa lẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ sà. Ọlọ́run á fi èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò, ẹ ò ní rìn ní àrìnfẹsẹ̀sí."

Àdúrà ò sí nínú ti tòyìnbó, kò sì ní bá a mu. Nínú ti bàbá, bí mi ò bá fi í sí i, á dà bíi pé mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ láìsí omi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ṣáájú, àdúrà tẹ̀lé e, torí àdúrà ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ gbogbo ayé láti àárọ̀. Mi ò sì sọ pé "wọ́n á sanwó yín láìpẹ́", torí nílé òfin ò dá iye kan pàtó sílẹ̀, ìdúnàádúrà ni, mi ò sì sí níbi tí wọ́n ti ń dúnàádúrà ọ̀hún.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni mo tó dárúkọ owó ìfẹ̀yìntì, pé ẹni tó bá wà lábẹ́ ọdún 50 tí kò rí iṣẹ́ míì fún oṣù mẹ́rin lè gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀. Bàbá ti ju 50 lọ, àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré nínú àwọn tí wọ́n dá dúró ló wúlò fún, bàbá sì fi tó wọn létí.

Ohun tí bàbá bi mí ni bóyá mo lè kọ ọ̀rọ̀ tìwé àfọwọ́kọ yẹn sórí bébà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń wá olùtọ́jú sítọ́ọ̀. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan rí, mi ò lo orúkọ kóńpánì lókè ẹ̀, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn kó bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde.