Ọgbà wo gan-an?

Àná ni mo jókòó ti ìtàn ọmọdé kan lédè Hébérù tí wọ́n tẹ̀ láìfi àmì fáwẹ̀lì kankan sí i, kí n lè bá wọn fi àmì náà sí i. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tún fi àlàfo sáàárín àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀: ב גן. Mo so wọ́n pọ̀, ó di בגן. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

בְּגַן ni "nínú ọgbà kan", בַּגַּן ni "nínú ọgbà náà". Lẹ́tà ה tó ń dúró fún "náà" ti pòórá. Fáwẹ̀lì rẹ̀ ló kù lábẹ́ ב, pẹ̀lú tóótó inú ג. Mo padà ka ìtàn náà látòkè. Wọn ò tíì dárúkọ ọgbà kankan, mo bá kọ בְּגַן. Nígbà tí ọmọ náà padà síbẹ̀, mo kọ בַּגַּן. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ "oko" fún ọkọ, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.)

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé וילדים, "àti àwọn ọmọ". Mo ti kọ וְיְלָדִים tán kí n tó rántí pé ṣéfà, àmì tóótó méjì tó máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà, kì í wà lábẹ́ lẹ́tà méjì tó tẹ̀ léra níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo pa á rẹ́: וִילָדִים.