Ohun tẹ́ ẹ bá sọ nípa ara yín ní ìbẹ̀rẹ̀ difẹ́ńsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ti parí fíìdì, tẹ́ ẹ ti ṣe sẹ́mínà tó tẹ̀ lé e, tó jẹ́ ọjọ́ ìdánwò oyè ọ̀mọ̀wé nìkan lẹ ń dúró dè, ẹ wá ká sọ̀rọ̀. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ sùn dáadáa tàbí kẹ́ ẹ tètè dé, ẹ mọ̀yẹn. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ àkọ́kọ́ ni mo bá wá, ìgbà tí alága bá ní kẹ́ ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, torí sáà yìí mo tún jókòó sẹ́yìn nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, mo sì tún gbọ́ ohun tí mo ti ń gbọ́ látìgbà tí mo ti gba oyè tèmi, inú mi ò dùn sí i rárá.

Àkọ́kọ́, ìkíni. Ní àwọn yunifásítì wa nílé níbí, ẹ máa bá alága níbẹ̀, ẹ máa bá olùdánwò tó wá láti yunifásítì mìíràn, èyí tá a máa ń pè ní ẹkisitánà, ẹ máa bá olùdánwò láti inú dìpátímẹ́ǹtì yín àti ẹnì kan láti dìpátímẹ́ǹtì míì, aṣojú ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn pòsítígírádú, àti súpáfáísọ̀ yín. Ó lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíì. Ipò wọn ni kẹ́ ẹ fi kí wọn, ẹ má fi orúkọ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní "alága, ẹ̀yin olùdánwò, ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ káàárọ̀ o", kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Ẹni tó bá ń ka orúkọ máa fo ẹnì kan dandan, tàbí kó pe ọ̀jọ̀gbọ́n ní dókítà, ẹni yẹn á sì rántí dọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi máàkì sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀pọ̀ ibi máa ń fún yín, mo ti rí ẹni tó fi mẹ́rin nínú ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìyàwó, pásítọ̀ àti ẹgbẹ́ kọperátíìfù. Ọpẹ́ ti ní ojú ìwé tiẹ̀ nínú tíísíìsì.

Èkejì, orúkọ, nọ́ńbà mátíríìkì, orúkọ súpáfáísọ̀ àti àkọlé iṣẹ́. Àkọlé tó wà lórí sùláìdì gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní pòsítígírádú mu, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Ẹ má sọ "àyẹ̀wò" di "ìtúpalẹ̀" torí pé ó dùn létí jù.

Ẹ̀kẹta, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa sọ pé ẹ fúnra yín ṣe, ló gbé mi wá síbí, mi ò sì lè kọ ọ́ ní ìlà kan, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àbúrò mi kan wà, ọmọ tó ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Omi kànga ló fi ṣe iṣẹ́ ẹ̀, àwọn kànga tí wọ́n gbẹ́ sínú ọgbà ilé níbi tí omi ẹ̀rọ ò dé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá sọ́káwéè tó wà nítòsí kànga ń fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní náítíréètì sínú omi tí àwọn èèyàn ń mu. Ó rìn láti ilé dé ilé, ó fi téèpù wọn ibi tí sọ́káwéè wà sí kànga kọ̀ọ̀kan, ó gbé omi nígbà òjò, ó tún padà lọ gbé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú kúlà oníyìnyín ló ń kó ìgò sí. Gbogbo ìyẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ṣe é. Àmọ́ láàbù dìpátímẹ́ǹtì ò ní iná, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ sì ti kú tipẹ́, ló bá kó omi lọ sí láàbù aládàáni, ó sanwó, wọ́n fún un ní èsì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa la ń ṣe é.

Ọjọ́ difẹ́ńsì wá pé. Wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó gbé ara ẹ̀ lárugẹ, pé páńẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn ẹni tó láyà. Ó dìde, ó ní: "Mo jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì omi, èmi fúnra mi ni mo yẹ gbogbo omi yìí wò ní láàbù, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà."

Ẹkisitánà, màmá àgbàlagbà kan tí ohùn wọn tutù, ò jẹ́ kó tíì dé sùláìdì kẹta. Wọ́n ní, "O káre. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ wo lo fi ka náítíréètì yẹn?"

Ẹni tó bá ti dúró rí ti sípẹ́kítírófotómítà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ohun tó wà nínú omi, máa dáhùn ìyẹn kó tó mí. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kà á ní 220 nánómítà, kí wọ́n tún kà á ní 275, torí àwọn ohun tó ti jẹrà sínú omi máa ń gba ìmọ́lẹ̀ ní 220 bíi ti náítíréètì, tí náítíréètì ò sì gba nǹkan kan ní 275. Wọ́n á wá fi ìlọ́po méjì ti 275 yọ kúrò nínú ti 220. Ọ̀nà míì wà tó yàtọ̀, ẹni tó bá lo òmíì lè sọ tiẹ̀. Àbúrò mi ò ní ìkankan láti sọ. Ó ní òun máa wò ó nínú tíísíìsì.

Gbogbo wa tá a jókòó sẹ́yìn la mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Títí dìgbà yẹn, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tó rí. Láti ìgbà yẹn lọ, wọ́n ń wá ohun tí kò ṣe. Màmá ṣí tíísíìsì sí ẹ̀yìn, níbi tó lẹ èsì láàbù mọ́, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "O sọ pé àwọn kànga tó sún mọ́ sọ́káwéè ní mílígíráàmù 12 nínú lítà kan, pé òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́ 50, pé nítorí náà omi yẹn dára. 12 kí ni?"

Ó ní náítíréètì ni.

Wọ́n yí ìwé náà sí i. Ohun tí láàbù kọ sókè ibẹ̀ ni NO3-N. Ìyẹn ni pé nàítírójìn tó wà nínú náítíréètì nìkan ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe náítíréètì lódindi. Náítíréètì wúwo tó 62, nàítírójìn inú ẹ̀ jẹ́ 14, tẹ́ ẹ bá fi 14 pín 62 ẹ máa rí 4.43. Torí náà 12 yẹn, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di náítíréètì, ó jẹ́ 53. Ó ju 50 lọ. Òdiwọ̀n 50 yẹn, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi po mílíìkì fún ni wọ́n torí ẹ̀ gbé e kalẹ̀, torí náítíréètì tó bá pọ̀ jù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbé afẹ́fẹ́ ká ara dáadáa. Iṣẹ́ náà ní omi dára, àmọ́ omi ò dára.

Wọ́n dá a padà. Kó tún orí kẹrin àti ìkarùn-ún kọ, kó padà wá jókòó síwájú wọn.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyí. Orí ìwé yẹn ti kọjá lọ́wọ́ súpáfáísọ̀, ó ti kọjá ní sẹ́mínà, àwọn àgbà jókòó, ohun tí wọ́n bá a wí lé lórí ni àyè àárín ìlà àti bó ṣe to àwọn ìwé tó kà. Kò sẹ́ni tó bi í pé 12 kí ni. Àwọn kan náà ló ní kó lọ gbé ara ẹ̀ lárugẹ. Ọmọ yẹn wá dá nìkan ru ìtìjú.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, irọ́ inú ìfira-ẹni-hàn yẹn ni kò jẹ́ kó rí àyè ṣàlàyé. Ká ní ó sọ pé láàbù kan ló ka omi náà ni, ìbéèrè tí màmá ì bá bi ni báwo ló ṣe mọ̀ pé láàbù náà kà á dáadáa, ìdáhùn rere sì wà lọ́wọ́ ẹ̀! Ó ti pín omi kànga kan náà sí ìgò méjì lábẹ́ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìsọ fún wọn, ó fi ìgò omi dísítílì, tí kò yẹ kí náítíréètì wà nínú ẹ̀, sáàárín, èsì àwọn ìgò ìbejì yẹn sì sún mọ́ ara wọn gan-an. Iṣẹ́ olùwádìí gidi nìyẹn, kò mẹ́nu bà á rárá torí ó ti sọ pé òun lòun ṣe gbogbo ẹ̀. Àṣìṣe NO3-N á ṣì jáde, mi ò sọ pé kò ní jáde, àmọ́ wọ́n á kà á sí ohun tí èèyàn lè tún ṣe lórí tábìlì.

Nígbà tó fẹ́ padà lọ, ó wá sọ́dọ̀ mi, a jọ jókòó kọ ọ́. Mo ní kó kọ gbogbo gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo" sí ìwé kan, kó wá kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ọ̀tá ẹ̀ lè bi sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá lè dáhùn láìṣí ìwé, ká yí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ padà títí á fi jẹ́ òótọ́. "Ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà" ló kọ́kọ́ lọ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ gbogbo tíísíìsì tó wà nínú àpótí gbogbo yunifásítì? "Nínú àwọn ìwé tí mo rí kà nípa àdúgbò yìí" tó.

Ohun tó sọ nígbà tó padà jókòó síwájú wọn nìyí: "Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka yìí, súpáfáísọ̀ mi ló jókòó sọ́wọ́ òsì yẹn. Mo béèrè bóyá ibi tí sọ́káwéè wà ló ń pinnu iye náítíréètì inú omi kànga. Èmi ni mo yan àwọn kànga, mo wọn ibi tí wọ́n wà, mo sì gbé omi wọn ní àkókò méjèèjì. Láàbù aládàáni ló ka náítíréètì, mo fi ìgò ìbejì àti omi dísítílì yẹ iṣẹ́ wọn wò. Àwọn kànga tó sún mọ́ sọ́káwéè ní mílígíráàmù 53, àwọn tó jìnnà ní 18, náítíréètì lódindi ni mo sọ yẹn, nínú lítà omi kan."

Kò sí oyè "onímọ̀" níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè ìgbì ìmọ́lẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màmá bi ni bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn tàbí amọ̀, torí iyanrìn máa ń jẹ́ kí omi sọ́káwéè tètè dé kànga. Òun ni ìbéèrè tó ti ń retí látọjọ́ tó ti wà ní fíìdì. Ó gbà á, ó sọ̀rọ̀ títí alága fi ní ó tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bìrìtìkó, tiyín yàtọ̀ díẹ̀, inú yàrá tí ilẹ̀kùn tì lẹ máa jókòó sí pẹ̀lú olùdánwò méjì, sùláìdì kì í sábà sí níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n sábà máa ń sọ pé "sọ iṣẹ́ yín fún wa ní ṣókí" kí wọ́n tó ṣí ojú ìwé kan. Ọ̀nà kan náà ni, gbólóhùn "mo" kan náà. Ní Amẹ́ríkà, súpáfáísọ̀ ló sábà máa ń fi yín han àwùjọ, ẹ bi wọ́n tẹ́lẹ̀ ohun tí wọ́n máa sọ, kí ẹ má tún un sọ, kí wọ́n má sì sọ ohun tẹ́ ẹ ò lè gbèjà.

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ pe ọmọ yín sí ọ́fíìsì, kó ka ìfira-ẹni-hàn ẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ sì bi í ní gbogbo ibi tó bá ti sọ nọ́ńbà: kí ni, nínú kí ni, ta ló wọ̀n ọ́n?